Bí a ṣe ń fi could, would àti shall tọrọ nǹkan níbi iṣẹ́ láì dà bí ẹni tó ń pàṣẹ

Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ yìí, irú èyí tó máa ń ti sítọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ní Odóńgúnyán, ní Ìkòròdú, bọ́ sórí fóònù mánijà láàárọ̀:

```
Good morning sir. You shall sign the gate pass today
because the driver would be here by 2.
```

Ẹni tó kọ ọ́ kò rí mánijà fín. Ká ní Yorùbá ló fi sọ ọ́ ni, ohun tó máa sọ ni pé, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí géètì páàsì yẹn lónìí, torí dírẹ́bà máa dé ní aago méjì." Kò sí ọ̀gá tó máa bínú sí ìyẹn. "Ẹ" ti bọ̀wọ̀ fún un, "bá mi" sì ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ". "You" tí wọ́n ń pe ọ̀gá àgbà náà ni wọ́n ń pe ọmọ tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Iṣẹ́ tí "ẹ" àti "bá mi" ń ṣe fún wa, ọ̀rọ̀ kékeré tó máa ń wà níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń ṣe é fún wọn, ìyẹn could, would àti shall. Bí ọ̀kan bá bọ́ sí ipò èkejì, ìbọ̀wọ̀ ti lọ nìyẹn, bó ti wù kí "sir" pọ̀ tó nínú rẹ̀.

A máa tún àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn kọ níkẹyìn. Ká kọ́kọ́ wo ohun tó yẹ ká bi ara wa kí ọwọ́ tó kan fóònù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ta ló máa ṣe iṣẹ́ náà?

Bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí ló máa ṣe é, could tàbí would ni ẹ máa lò. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe é, tí ẹ kàn fẹ́ kó fún yín láṣẹ, "Shall I" ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa ṣe é, "Shall we" ni.

Yorùbá tó wà lẹ́nu yín gan-an máa tọ́ yín sọ́nà. Níbi tí ẹ bá ti máa sọ pé "ṣé kí n", shall ló wà níbẹ̀. "Ṣé kí n gbé e wá sí ọ́fíìsì yín?" ni "Shall I bring it to your office?" "Ṣé ká bẹ̀rẹ̀?" náà ni "Shall we start?" Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ "Will I bring it to your office?" Ẹni tó bá bèèrè báyẹn ń wádìí ọjọ́ iwájú ara rẹ̀ ni, babaláwo ló sì yẹ kó lọ bá. Ní àwọn ilẹ̀ kan, bíi Ireland, wọ́n máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ wa nílé-ìwé, "Shall I" la fi ń bèèrè ohun tí ẹnì kejì fẹ́ ká ṣe. "Should I" náà kò burú. Ó kàn jọ ẹni tó ń wá ìmọ̀ràn ni, nígbà tí "Shall I" ń sọ pé mo ti dìde, àṣẹ yín ni mò ń dúró dè.

Ohun tí kò yẹ kó wáyé rárá ni kí shall tẹ̀ lé "you" nínú ìwé tí ẹ fi ń tọrọ nǹkan. Shall tó bá wà lẹ́yìn "you" tàbí lẹ́yìn orúkọ ẹlòmíì, ohùn òfin ló ní. Ẹ wo Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú abala kẹrìnlá: "the security and welfare of the people shall be the primary purpose of government". Shall yẹn kò bẹ ìjọba, ó gbé ẹrù lé e lórí ni. Bákan náà ló ṣe máa ń rí nínú ìwé àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ ń bá àwọn tó ń kó ọjà wá fọwọ́ sí: "The supplier shall deliver the goods within seven days." Bí ọjọ́ méje bá kọjá, ẹjọ́ ti dé. Torí náà, nígbà tí ọmọ sítọ̀ kọ "You shall sign", ohun tí mánijà kà ni pé dandan ni fún un láti fọwọ́ sí i. Ẹ má sì gbìyànjú láti fi àmì ìbéèrè tún un ṣe. "Shall you sign the gate pass?" kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé agbára rẹ̀ lẹ̀ ń bèèrè ni, àbí ìfẹ́ inú rẹ̀?

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí, torí "Could you" àti "Would you" jọra lójú, ọ̀pọ̀ ìwé sì kàn máa ń sọ pé ìkan ni wọ́n.

"Could you" ń bèèrè bóyá nǹkan náà ṣeé ṣe: bóyá àyè wà, bóyá ọwọ́ ẹni náà ká a. "Would you" ń bèèrè bóyá ó wù ú. Ẹ wo bí ẹni tí kò lè ṣe é ṣe máa dáhùn. Bí ẹ bá kọ "Could you sign it before two?", mánijà lè dáhùn pé "I'm afraid I can't, I'm in Ikeja till evening." Àyè ni kò sí, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Bí ẹ bá kọ "Would you sign it before two?", tó sì ní òun ò ní ṣe é, ó dà bíi pé kò wù ú ni. Could fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un láti kọ̀ láì tijú. Ọ̀nà yẹn gan-an ni ìbọ̀wọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá ń kọ̀wé sí ọ̀gá pé, bí kò bá mọ èyí tó máa mú, kó mú could.

Èyí kò sọ pé "Would you" burú. Lẹ́nu, pẹ̀lú ẹ̀rín, "Would you hold this for me?" dára gan-an. Nínú ìwé ni ẹ̀rín kò sí. Pàápàá "Would you please", bó bá dá dúró, ó máa ń jọ ẹni tí sùúrù rẹ̀ ti tán. "Would you please send the report" máa ń jáde lẹ́nu ẹni tó ti bèèrè lẹ́ẹ̀mejì tí wọn ò dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ bá sì fi "Could you please send the report?" rọ́pò rẹ̀, ara máa tu ẹni tó ń kà á.

Ohun kan máa ń dẹ́rù bà àwọn èèyàn nípa could. Wọ́n kọ́ wa nílé-ìwé pé could ni can tó ti kọjá, èyí sì máa ń jẹ́ kí wọ́n tún ti ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e sẹ́yìn, wọ́n á wá kọ "Could you sent me the invoice?" Nínú ìbéèrè báyìí, could kò sọ ohun tó ti kọjá. Ó kàn yẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ ni, bí ọmọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kó tó wọlé. Lẹ́yìn could, would tàbí shall, ọ̀rọ̀-ìṣe máa wà ní ìhòòhò: sign, send, bring. Kò sí signed, kò sí sends, kò sì sí "to sign".

Bí wọ́n bá bi ẹ̀yin náà ní could, ẹ má fi could dáhùn. "Could you count the cartons again?" kò ní "Yes, I could." Ìdáhùn yẹn ń sọ pé mo lè kà á o, bóyá màá kà á sì ni èyí tí ẹ ò tíì mọ̀. "Yes, I can" tàbí "Yes, I will" ló ń fọkàn ọ̀gá balẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ ohun tó ti kọjá lóòótọ́ lẹ fẹ́ bèèrè, ẹ fi could sílẹ̀. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá mádàámù tó wà ní akáǹtì rí owó san lánàá: "Were you able to make the payment yesterday, ma?" Gbólóhùn yẹn dára, torí ó ń sọ pé bí kò bá tíì san án, ó lè jẹ́ pé nǹkan ló dí i lọ́wọ́. Ẹ má wá kọ "You could have paid yesterday." "Ẹ ò bá ti san án lánàá" nìyẹn, ẹ̀sùn sì ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: níbi tí would ti jẹ́ ọba

Would ní ẹlẹgbẹ́ tó máa ń bá rìn, ibẹ̀ ni could kò sì lè dé. "Would you like" ni a fi ń fún èèyàn ní nǹkan: "Would you like a copy?" "Would you prefer" ni a fi ń jẹ́ kó mú èyí tó wù ú nínú méjì: "Would you prefer a printed copy or a scanned one?" Ìwọ̀nyí kò ni èèyàn lára.

Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni "Would you mind". Ohun tó ń bèèrè ni pé, "Ṣé ó máa ni yín lára?" Ìyẹn ni pé "No", bẹ́ẹ̀ kọ́, ni ìdáhùn ẹni tó gbà. Oníbàárà kan wá gba sọ̀wédowó rẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní ọ̀nà Ṣágámù. Mádàámù akáǹtì ní, "Would you mind waiting till Monday?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Yes ma." Lọ́kàn rẹ̀, ó ti gbà, ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. Mádàámù ní tirẹ̀ gbọ́ pé ó ni ín lára, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, tó ń ṣàlàyé pé ẹni tó máa fọwọ́ sí i kò sí nílé. Àwọn méjèèjì ń bẹ ara wọn títí, kò sì sí ìjà kankan níbẹ̀. Ìdáhùn tó máa parí ẹ̀ ni "Not at all, ma" tàbí "No problem, ma. Monday is fine." Kódà bí ẹ kò bá rántí èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi ohun tí ẹ máa ṣe dáhùn, "I'll wait till Monday," kò sì sẹ́ni tó máa ṣì yín gbọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó fúnra yín, ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé mind máa gba ing: "Would you mind signing it before noon?" Kò ní jẹ́ "Would you mind to sign". Bó bá sì jẹ́ ìyọ̀ǹda fún ara yín lẹ ń tọrọ, ọ̀rọ̀-ìṣe máa padà sẹ́yìn: "Would you mind if I closed at three today?" Nínú ìbéèrè "Would you mind", ẹ̀yìn "if" yẹn ni irú "closed" yẹn ti bójú mu.

Fún ohun tó wúwo gan-an, bíi kí ẹ tọrọ àfikún àkókò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹ lè lo èyí:

```
I would be grateful if you could extend the delivery
date to 20 June.
```

Would fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa dúpẹ́, could fún ẹni tó máa ṣe é. Ẹ kíyè sí i pé "if you could" ló wà níbẹ̀, kò sí "if could you", kò sì sí àmì ìbéèrè níparí, torí gbólóhùn lásán ni, kì í ṣe ìbéèrè. Bó bá jẹ́ "appreciate" lẹ fẹ́ lò, ẹ má gbàgbé "it" àárín rẹ̀: "I would appreciate it if you could". Àmọ́ ẹ má fi irú gbólóhùn yìí tọrọ bírò lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó sí tábìlì kan. Ó máa rò pé ẹ̀ ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀ ni, tàbí pé ẹ̀ ń bá òun jà. "Could I borrow your pen?" ti tó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yọ would kúrò nínú ìlérí

Ẹ padà wo àtẹ̀jíṣẹ́ wa: "the driver would be here by 2." Gbogbo wa la mọ ibi tó ti wá. Ní Nàìjíríà, a ti gbà pé would ni will tó wọ aṣọ ńlá, pé ẹni tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ kó lo would. Láàárín ara wa, a máa ń gbọ́ra wa yé. Ìṣòro máa ń dé nígbà tí ẹni tó ń kà á bá jẹ́ ará ibòmíì, tàbí tí owó bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá kọ "I would send the invoice tomorrow", ẹni yẹn máa dúró de apá kejì: ẹ máa fi í ránṣẹ́ bí kí ló bá ṣẹlẹ̀? Lójú tirẹ̀, "ǹ bá fi í ránṣẹ́ lọ́la" lẹ kọ, kò sì ní fọkàn sí i pé yóò dé.

Ìyàtọ̀ náà kò ṣòroó rántí: tí ẹ bá ń tọrọ, would lè wà níbẹ̀, tí ẹ bá ń ṣèlérí tàbí tí ẹ̀ ń sọ ohun tó dájú, will ni. "The driver will be here by 2." "I will send the invoice tomorrow." "I shall send the invoice" náà tọ̀nà, torí shall máa ń bá "I" àti "we" lọ, àmọ́ ó ti dàgbà díẹ̀, ó bá lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sórí pépà mu ju Wọ́ọ̀sáàpù lọ.

Ibì kan wà tí would bá dírẹ́bà mu. Bí ẹ bá ń ròyìn ohun tó sọ ni: "The driver said he would be here by 2." Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀ ń tún un sọ ni. Bí àpẹẹrẹ, bí dírẹ́bà bá pè láti Sábó pé gósílóò ti dá òun dúró, èyí gan-an ni mo máa kọ, kó lè hàn pé òun ló ṣèlérí, èmi kọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: please, kindly àti sir

Ọ̀kan tó. "Could you please" dára, "Please could you" náà dára. "Please kindly" ń sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti "sir" àti "ma", mi ò sí lára àwọn tó ní kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò. Ní ọ́fíìsì wa níhìn-ín, ẹni tó bá yọ ọ́ máa gbọ́ nǹkan. Ẹ fi ọ̀kan sí ibi ìkíni, ọ̀kan síbi ìdúpẹ́, kí ẹ má fi sẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Ká wá tún àtẹ̀jíṣẹ́ náà kọ

Ta ló máa fọwọ́ sí i? Mánijà. Torí náà, "You shall" ti jáde. Ṣé ìfẹ́ inú rẹ̀ là ń bèèrè? Rárá o, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fọwọ́ sí i. Bóyá ó ráyè ṣáájú aago méjì la fẹ́ mọ̀. Could nìyẹn. Dírẹ́bà ńkọ́? Ó dájú pé ó ń bọ̀, torí náà will ni. Ta ló máa gbé ìwé náà lọ? Ọmọ sítọ̀ fúnra rẹ̀. Shall I rèé. Bóyá mánijà kò sì fẹ́ pépà rárá, ká jẹ́ kó mú èyí tó wù ú: would you prefer.

Ìdí tí a fi ń bèèrè ló máa kọ́kọ́ wá, kí ìbéèrè tó tẹ̀ lé e, kí ọ̀gá lè ti mọ ohun tó ń lé wa kó tó rí ohun tá a fẹ́ gbà.

```
Good morning, sir.
The truck for the Epe order will be at the gate by 2 p.m.
Could you please sign the gate pass before then?
Shall I bring it to your office, or would you prefer
a scanned copy?
Thank you, sir.
```

Ó gùn ju èyí àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ó ti ṣe iṣẹ́ mẹ́ta: ó sọ aago, ó tọrọ, ó sì gba wàhálà náà sọ́rùn ara rẹ̀. Ká sọ pé mánijà dáhùn báyìí:

```
Would you mind bringing it up after 12? I'm in a meeting.
```

"Yes sir" ló máa kọ́kọ́ sáré wá sẹ́nu. Ẹ gbé e mì. Ìdáhùn rẹ̀ ni:

```
Not at all, sir. I will bring it up at 12.30.
```

Bí aago kan bá lù tí ìpàdé kò tíì parí, tí dírẹ́bà sì ti dúró sí géètì tó ń fọn fèrè, ẹ má jẹ́ kí ooru mú yín padà sórí "You shall" tàbí kí ẹ lọ gbé "Would you please" jáde. Ìránnilétí náà lè kúrú, kó sì ṣì jẹ́ could:

```
Sir, the truck is now at the gate. Could you spare two
minutes to sign the pass, or could someone else sign
for you?
```

Could kejì yẹn ṣe pàtàkì. Bí mánijà kò bá lè jáde, ó ti rí ohun tó lè ṣe: kó dárúkọ ẹni tó máa bá òun fọwọ́ sí i, kí lọ́rì máa lọ sí Ẹ̀pẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.